Mo Yá Ọ̀kan, Mo Ti Dá A Padà

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí gbólóhùn kan fi ń jẹ mí lọ́kàn. Bíírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sísàlẹ̀ iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 4/10: "Kò fara balẹ̀. Ẹ bá a sọ̀rọ̀." Mo bá a sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Mo ní kó mú ojú ìwé tuntun, kó tún gbogbo rẹ̀ ṣe, kó sì fara balẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó lò tó ogójì ìṣẹ́jú nídìí ẹ̀, ahọ́n ẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu bó ṣe máa ń rí tó bá ń fi gbogbo ara ṣe nǹkan. Nígbà tó gbé e dé, ìdáhùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá ti àkọ́kọ́ mu, ẹyọ kan ò yẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti há mi lọ́fun. Ẹni tí kò fara balẹ̀ máa ń ṣì í síbí lónìí, yóò ṣì í sọ́hùn-ún lọ́la. Ọmọ tó ṣi iṣẹ́ mẹ́fà, tó tún padà wá ṣi mẹ́fà kan náà láìsí ẹyọ kan tó yàtọ̀, ọmọ yẹn fara balẹ̀ ju èmi tí mo ń bá a wí lọ. Ó ní ohun kan tó ń tẹ̀ lé. N kò kàn mọ ohun náà ni.

Àníkẹ́ ni màá máa pè é níbí. Oríkì ẹ̀ ni, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pè nígbà tí wọ́n bá ń ka orúkọ ní kíláàsì. Ó wà ní kíláàsì kẹta ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyọkúrò ni wọ́n sì ń ṣe.

## Òfin kan ṣoṣo

Ohun tó wà nínú ìwé ẹ̀ nìyí, bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́:

47 − 23 = 24
52 − 38 = 26
86 − 51 = 35
71 − 46 = 35
65 − 29 = 44
98 − 64 = 34
143 − 67 = 124
204 − 87 = 283
375 − 142 = 233
300 − 156 = 256

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ́ kan tí iná lọ, tí kò sí tẹlifíṣọ̀n tó máa pín ọkàn wa níyà, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo ní kó jókòó tì mí. N kò mú bíírò dání. N kò sì nawọ́ sí èyíkéyìí nínú àwọn tó kùnà. Mo kàn fi ìka sórí 52 − 38, mo ní, "Sọ fún mi bó o ṣe ṣe é. Kì í ṣe pé mo ń dá ọ lẹ́jọ́ o, mo fẹ́ gbọ́ ni."

Ó wo ojú mi, bóyá pańpẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ló ní, "Méjì àti mẹ́jọ. Mẹ́jọ ló tóbi. Mẹ́jọ yọ méjì, mẹ́fà. Márùn-ún yọ mẹ́ta, méjì. Twenty-six."

Ó parí. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ ti ẹyọ tàbí ti ẹ̀wá, á wo nọ́ńbà méjèèjì, á sì yọ kékeré kúrò nínú ńlá, láìka èyí tó wà lókè sí. Mo fi òfin yẹn yẹ gbogbo iṣẹ́ mẹ́wàá náà wò. Ó ṣàlàyé mẹ́fà tó kùnà, ó sì tún ṣàlàyé mẹ́rin tó gbà, nítorí ní mẹ́rin yẹn, nọ́ńbà tó tóbi ló wà lókè nínú gbogbo ilé. Èyí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé gbígbà tí mẹ́rin yẹn gbà kì í ṣe ẹ̀rí pé ó mọ ìyọkúrò. Òfin tí kò tọ̀nà ló bá òdodo pàdé lójú ọ̀nà.

Kí n tó gba ara mi gbọ́, mo dán an wò. Mo kọ 93 − 58 sórí bébà. Mo kọ 45 sẹ́yìn bébà mìíràn, mo fi ìwé bò ó. Ìdáhùn tó tọ̀nà ni 35. Tó bá jẹ́ pé àìfarabalẹ̀ lásán ni, kò sí bí mo ṣe máa mọ ohun tó máa kọ. Àníkẹ́ yọ ahọ́n síta, ó ṣe é, ó kọ 45.

Bí inú mi ṣe dùn sí ìdáhùn tó kùnà yẹn, ìyá ẹ̀ rò pé nǹkan ti ṣe mí.

Mo padà rí i pé kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe irú ìdánwò yìí. Ní 1978 ni àwọn ará Amẹ́ríkà méjì kan, John Seely Brown àti Richard Burton, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí bí àwọn ọmọdé ṣe ń ṣi ìyọkúrò. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé ọ̀pọ̀ àṣìṣe ọmọ ló ní ìlànà, àti pé ẹni tó bá mọ ìlànà náà lè sọ ìdáhùn tó máa kùnà kí ọmọ tó kọ ọ́. Èyí tí Àníkẹ́ ń ṣe wà lára èyí táwọn tó ń wádìí nǹkan yìí mọ̀ jù lọ.

## Ọsàn tó ń pọ̀ sí i

Mo bi í léèrè pé ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. "Tísà ni. Wọ́n ní a kì í yọ ńlá kúrò nínú kékeré."

Ẹ gbọ́ ná. Òótọ́ ni tísà sọ. Fún ọmọ kíláàsì kejì, tó ní ọsàn mẹ́ta lọ́wọ́, wọn kì í yọ márùn-ún kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n odidi nọ́ńbà ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, 52 àti 38. Àníkẹ́ gbé e lọ sórí méjì àti mẹ́jọ tí wọ́n kàn jẹ́ apá kan nínú wọn. Ó sì ti lo odidi ọdún kan lórí àròpọ̀, níbi tí méjì pẹ̀lú mẹ́jọ àti mẹ́jọ pẹ̀lú méjì ti jẹ́ nǹkan kan náà. Kí ló fẹ́ jẹ́ kó mọ̀ pé ìyọkúrò kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

N kò sọ fún un pé kò tọ̀nà. Mo mú iṣẹ́ kẹjọ, mo sọ ọ́ di ìtàn. "Mo ní ọsàn 204. Mo fún ọ ní 87. Mélòó ló kù lọ́wọ́ mi?" Ó wo ìwé ẹ̀. "283." Mo dákẹ́. Ó tún un kà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ó bú sẹ́rìn-ín: "Dádì, ẹ fún mi lọ́sàn-án, tiyín wá ń pọ̀ sí i!"

Ìyẹn nìkan ni àlàyé tí mo ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìdáhùn fúnra ẹ̀ ló bá a wí, kì í ṣe ẹnu mi. Bá a bá sọ fún ọmọ pé ó kùnà, ọwọ́ wa ló máa ń wò láti mọ̀ bóyá ó gbà. Ṣùgbọ́n bó bá rí i pé ọsàn ẹni tó ń tọrẹ ń pọ̀ sí i, ó ti ní ohun tó lè fi yẹ ara ẹ̀ wò nígbà tí n kò bá sí nílé.

Ó kù díẹ̀ kí n lọ sùn ni mo wá ṣe àṣìṣe tèmi. Mo ní, "Tí ti òkè ò bá tó, ńṣe la máa ń yá ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀." Ó ní wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ nílé ìwé náà. Mo rò pé a ti parí.

## Gbèsè tí a ti san

Lọ́jọ́ kejì ó tún àwọn mẹ́fà náà ṣe. Ó gbé e wá pẹ̀lú ìdùnnú. 52 − 38 ti di 24. 71 − 46 ṣì jẹ́ 35. 65 − 29 di 46.

Ọkàn mi kọ́kọ́ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wò ó dáadáa. Ilé ẹyọ ti tọ̀nà nínú gbogbo wọn: méjìlá yọ mẹ́jọ, mẹ́rin, mọ́kànlá yọ mẹ́fà, márùn-ún. Ilé ẹ̀wá ló ṣẹ́ kù. Ó yá ọ̀kan, àmọ́ márùn-ún tó yá a lọ́wọ́ ẹ̀ ṣì jókòó bí márùn-ún. Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí fi mẹ́wàá géérégé ju bó ṣe yẹ lọ.

"Àníkẹ́, ọ̀kan tó o yá lọ́wọ́ márùn-ún yìí, ibo ló wà?"

"Mo ti dá a padà."

"O dá a padà fún ta?"

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà rú lójú. "Fún márùn-ún, Dádì. Ẹ sọ pé mo yá a ni. Ṣé wọn kì í dá a padà?"

N kò ní èsì. Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́. Ọmọ tí a kọ́ látìgbà tó ti ń rá pé bó bá yá pẹ́nsùlù ọmọ ẹlòmíì, kó dá a padà, ọmọ tó ti gbọ́ ẹnu wa lórí àwọn tó yáwó tí wọn ò san, òun ni mo ń sọ fún pé kó yá nǹkan lọ́wọ́ aládùúgbò kó sì gbàgbé ẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, ohun tí a yá ní ìdápadà. Ọ̀rọ̀ tí mo lò ló ṣi ọmọ lọ́nà. Òun kàn jẹ́ olóòótọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ náà tún ní ìdí mìíràn. Ìyá mi wá kí wa nígbà ọdún Àjíǹde, ó sì jókòó ti Àníkẹ́ nídìí ìṣirò. Màmá wà lára àwọn ọmọ tó wọ ilé ìwé ní 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo ní kí wọ́n bá mi ṣe 52 − 38 sókè kí n gbọ́. Wọ́n kà á bí orin:

"Méjì ò gba mẹ́jọ. Yá mẹ́wàá, ó di méjìlá. Méjìlá yọ mẹ́jọ, mẹ́rin. San ọ̀kan padà sísàlẹ̀, mẹ́ta di mẹ́rin. Márùn-ún yọ mẹ́rin, ọ̀kan. Mẹ́rìnlá. Kí ló dé, ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n mọ́ ni?"

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ láyé ìgbà yẹn nìyẹn, ọ̀nà tó bá àwọn ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì wá: yá kí o sì san. Ó tọ̀nà, kò sì lábùkù kankan. Kò fọwọ́ kan márùn-ún òkè rárá. Mẹ́wàá ni wọ́n fi kún méjì òkè, mẹ́wàá náà sì ni wọ́n fi kún 38 ìsàlẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n fi ọ̀kan kún ilé ẹ̀wá ẹ̀. Bí a bá fi mẹ́wàá kún méjèèjì, ohun tó wà láàárín wọn ò yí padà. Mo fi ọgbọ̀n ọdún ju Àníkẹ́ lọ. Bí ọdún mẹ́wàá bá kọjá lórí àwa méjèèjì, ọgbọ̀n náà ni màá ṣì fi jù ú lọ.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ẹsẹ̀ kan ò lè wà lójú ọ̀nà méjì. Ilé ìwé ń kọ́ Àníkẹ́ pé kó mú ọ̀kan lórí márùn-ún. Màmá kọ́ ọ pé kó san án padà. Ó gba ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ó mú ọ̀kan lọ́wọ́ márùn-ún, ó sì san án fún márùn-ún, nítorí ẹni tó yáni la máa ń san án fún. Ta ló ń san gbèsè fún ẹni tí kò yá a ní nǹkan? Nínú ọgbọ́n ọmọ yìí, mẹ́ta ìsàlẹ̀ tí Màmá ń san án fún ni kò bójú mu.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ tí òbí bá rí irú àdàpọ̀ yìí ni pé á fi ohùn líle sọ pé, "Gbàgbé ìyẹn!" Mo ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi ni "ìyẹn" tí mo fẹ́ kó gbàgbé. Mo sọ fún un pé ọ̀nà Ìyá Àgbà dára, pé a óò padà sí i, pé ọ̀nà ilé ìwé la fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ délẹ̀.

## A kì í yá a, a máa ń tú u ni

Mo wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìgbálẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló fún mi ní i. A já ẹyọ ìgbálẹ̀ 52, a kà wọ́n ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, a fi rọ́bà di mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan. Ìdì márùn-ún, ẹyọ méjì lóde. Mo ní kó fún mi ní 38.

Ó nawọ́ sí ẹyọ méjì tó wà lóde. Ó dúró. Kò sí mẹ́jọ níbẹ̀, kò sì lè yí i padà kó ní méjì lòun fẹ́ yọ kúrò nínú mẹ́jọ, nítorí mẹ́jọ kankan ò sí nílẹ̀. Àṣìṣe àkọ́kọ́ yẹn kú síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kì í ṣe nǹkan tó wà lórí tábìlì. Ohun tá a fẹ́ mú lọ ni.

"Kí la máa ṣe, Dádì?"

"Kí lo rò?"

Ó wo àwọn ìdì. Ó mú ọ̀kan, ó yọ rọ́bà ẹ̀. Ẹyọ mẹ́wàá tú ká, wọ́n dara pọ̀ mọ́ méjì. Méjìlá. Ó kà mẹ́jọ fún mi, mẹ́rin ṣẹ́ kù. Ó wá wo ìdì tó kù.

"Mélòó ni?"

"Mẹ́rin."

"Kí ló dé tí kì í ṣe márùn-ún?"

"Mo ti tú ọ̀kan."

Kò béèrè ìgbà tó máa dá a padà. Ohun tí a tú ti tú. Látìgbà náà, a ò sọ "yá" mọ́ nílé wa. "Tú" la ń sọ, tó bá sì jẹ́ owó, "ṣẹ́". Bí ènìyàn bá gbé ọgọ́rùn-ún náírà lọ sọ́dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì pé kí wọ́n bá òun ṣẹ́ ẹ sí mẹ́wàá-mẹ́wàá, kò yáwó, kò jẹ gbèsè, owó ẹ̀ ò sì dín. Ọ̀rọ̀ náà ti ń gbé ìtumọ̀ ìṣirò náà kiri nínú ọjà kó tó dé ilé ìwé. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà wọn ní ilé ìwé Sẹ́ńtì Sítífìn ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ, ìṣirò pẹ̀lú. Ó máa ń wù mí láti mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò fún ibi yìí gan-an.

Ohun kan tí mo ṣọ́ra fún: n kò sáré kó ìgbálẹ̀ kúrò nílẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́rin, bó bá ti tú ìdì kan, á fà á lórí márùn-ún inú ìwé, á kọ mẹ́rin sókè ẹ̀, á kọ ọ̀kan kékeré síwájú méjì. Ọwọ́ kan lórí rọ́bà, ọwọ́ kan lórí pẹ́nsùlù. Lọ́jọ́ karùn-ún ó ní ìgbálẹ̀ náà ń dá òun dúró. Òun fúnra ẹ̀ ló kó o padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Àwọn àṣìṣe kan wà tí kò ní òfin kankan nínú, ó yẹ kí n sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan ó kọ 14 − 7 = 6. Lọ́jọ́ mìíràn ó ka ọ̀kan tó fúnra ẹ̀ kọ bíi méje. Irú ìwọ̀nyí máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó lọ. N kì í ṣàlàyé wọn. Mo kàn máa ń ní, "Tún ìlà yìí kà fún mi," òun náà á sì rí i. Ẹni tó bá ṣàlàyé gbogbo nǹkan fún ọmọ yóò mú kí ọmọ náà má mọ èyí tó ṣe pàtàkì.

## Ilé tó ṣófo

204 − 87 ló gba àkókò jù. Méje ò sí nínú mẹ́rin, ó fẹ́ tú ìdì kan, ó dé ilé ẹ̀wá, ó bá òdo. Ìyá oníbúrẹ́dì ò ní ṣẹ́ńjì.

Fún èyí a lo owó tí a gé láti inú páálí: ọgọ́rùn-ún méjì, ẹyọ mẹ́rin. Mo ní kó san 87 fún mi. Ó ronú títí. Ó mú ọgọ́rùn-ún kan, ó ṣẹ́ ẹ sí mẹ́wàá mẹ́wàá. Ilé ẹ̀wá tó ṣófo ti ní mẹ́wàá. Ó wá mú ọ̀kan nínú mẹ́wàá yẹn, ó ṣẹ́ ẹ sí ẹyọ mẹ́wàá, ẹyọ ẹ̀ di mẹ́rìnlá. Mo ní kó dúró níbẹ̀, kó sọ ohun tó wà nílẹ̀ kó tó sanwó rárá. "Ọgọ́rùn-ún kan, mẹ́wàá mẹ́sàn-án, ẹyọ mẹ́rìnlá." Mo ní, "Gbogbo ẹ̀ jẹ́ èló?" Ó kà á: 100, 90, 14. Ó jẹ́ 204 síbẹ̀.

Ìdúró yẹn ni mo rò pé ó ṣe iṣẹ́ jù. Ṣáájú kí a tó yọ ohunkóhun, owó náà ò tíì yí padà, bí a ṣe tò ó nìkan ló yí. Lẹ́yìn náà, mẹ́rìnlá yọ méje, méje. Mẹ́sàn-án yọ mẹ́jọ, ọ̀kan. Ọgọ́rùn-ún kan ṣẹ́ kù. 117.

Ṣùgbọ́n nínú ìwé, láìsí páálí, ó kọ 127. Ó rántí pé òdo di mẹ́wàá, ó gbàgbé pé mẹ́wàá náà ti ná ọ̀kan. N kò sọ nǹkan kan. Mo ní kó ro 127 pọ̀ mọ́ 87, ká wo bóyá yóò padà sílé. Ó jẹ́ 214. Mo ní, "Ó fi èló lé?" Ó ní mẹ́wàá. Mo ní, "Níbo lo ti rí irú mẹ́wàá yẹn rí?" Ó ṣí ìwé ẹ̀ padà sí 24, 35 àti 46 ọjọ́sí, àwọn tí mo ní kó má pa rẹ́. Ìdí nìyẹn tí n kì í jẹ́ kó lo réésà. Tó bá ti pa àṣìṣe rẹ́, kò ní rí i pé ojú kan náà ló tún padà wá.

## Bí Màmá ṣe ń ka ṣẹ́ńjì

Nígbà tí Màmá tún wá, wọ́n gbọ́ pé a ti ń tú ìdì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ta aṣọ, n kò sì rí i rí kí wọ́n kọ nọ́ńbà kan sórí òmíràn láti ka ṣẹ́ńjì. Wọ́n ní kí Àníkẹ́ sọ 38 ní Yorùbá. Kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n sọ ọ́ fún un: méjìdínlógójì.

"Ó ti sọ fún ẹ pé ó ku méjì kó pé ogójì. Mú méjì dání. Ogójì dé àádọ́ta, mẹ́wàá. Méjì tó lé lórí àádọ́ta. Mélòó ló wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Mẹ́rìnlá!"

Kò sí yíyá, kò sí títú. Màmá kì í yọ nǹkan kan. Wọ́n ń gun òkè láti 38 dé 52 ni. Èyí ló wá di ọ̀nà tí Àníkẹ́ fi ń yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò. Fún 300 − 156, tó ti kọ 256 nígbà kan, ó ka sókè: mẹ́rin sí 160, ogójì sí 200, ọgọ́rùn-ún sí 300. 144.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo tún mú ojú ìwé àkọ́kọ́ yẹn, mo ń pe àwọn nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ní Yorùbá. Àwọn mẹ́rin tó gbà: mẹ́tàlélógún, mọ́kànléláàádọ́ta, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, méjìlélógóje. Àwọn mẹ́fà tó kùnà: méjìdínlógójì, mẹ́rìndínláàádọ́ta, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mẹ́tàdínláàádọ́rin, mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, mẹ́rìndínlọ́gọ́jọ. Gbogbo àwọn tó gbà ló ní "lé" nínú. Gbogbo àwọn tó kùnà ló ní "dín".

N kò fẹ́ sọ ọ́ di iṣẹ́ ìyanu. Yorùbá máa ń fi ọ̀kan sí mẹ́rin lé, ó sì máa ń dín láti márùn-ún lọ sókè. Nọ́ńbà tó bá parí sí márùn-ún sókè ló sì sábà máa ń ju ti òkè lọ, tí títú á fi di dandan. Kì í ṣe ìgbà gbogbo: 69 − 38 ò nílò títú, 41 − 23 nílò ẹ̀. Àmọ́ níbi tí iṣẹ́ náà ti le jù fún ọmọ náà gan-an, orúkọ nọ́ńbà ní èdè ìyá ẹ̀ ti bá a ṣe ìdajì iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kàwé nílé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì la sì fi kọ́ ọ ní ònkà nílé. Ní tèmi, n kò ní ẹlòmíì tí mo máa dá lẹ́bi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àṣetiléwá mìíràn dé. 9/10. Èyí tó kùnà ni 500 − 268. Ó kọ 242. Mo jókòó, mo fẹ́ lanu, ó ti na ọwọ́ sí mi pé kí n dúró. Ó ro 242 pọ̀ mọ́ 268 ní ẹ̀gbẹ́ ìwé, ó rí 510, ó sì fi orí pẹ́nsùlù gbá òdo àárín.

"Ìdì kan pọ̀ jù," ó ní. "Eléyìí ti ná ọ̀kan, kò sọ fún mi."